Ìlà kan péré ni mo rí, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́la?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú pé òru ni mo ń kọ èyí. Ọ̀la ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ oògùn irorẹ́, èyí tó le yẹn, tí wọ́n ń ní kéèyàn tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò lóyún, òun ò sì ní lóyún títí òun á fi lò ó tán. Mo fi igi àyẹ̀wò oyún yẹ ìtọ̀ mi wò ní ọjọ́ 27, ìlà kan péré ló yọ. Òní ọjọ́ 31 ló yẹ kí àlejò mi oṣooṣù dé, mi ò rí i. Ọkọ mi wá kí mi lóṣù yìí, ọjọ́ 24 ló padà. Ṣé mo lè gbára lé ìlà kan yẹn? Oorun ò kùn mí rárá.

Bọ̀dá Láídé: Ẹ kú oríire o! Ọlọ́run á fi ìbejì ṣe é. Ẹ má sáré, bó bá tó àkókò á yọ.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o, àmọ́ ẹ ò ka ohun tí mo kọ. Ọmọ kọ́ ni mò ń wá báyìí. Oògùn ni mo ń bèèrè.

Ìyá Jọkẹ́: Má fẹnu kàn án o! Irú ẹ ṣe mí rí. Èmi náà yẹ ara mi wò kí oṣù tó pé, ìlà kan, mo ju igi yẹn nù, mo ní iṣẹ́ ló ń da ara mi láàmú. Mi ò yẹ ara mi wò mọ́. Ìgbà tí inú ń ru mí ṣáá ni mo lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé mi níkùn, mo rí ọmọ tó ti lápá tó ti lẹ́sẹ̀ tó ń ta pútúpútú. Gbogbo ohun tí mo ti ń gbé mì látìgbà yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka. Ọjọ́ tí mo yẹ ara mi wò yẹn, mo ti kọ́kọ́ mu omi bíi màlúù kí ìtọ̀ lè tètè wá.

Tòkunbọ̀: Omi yẹn ló bà á jẹ́, kò sí ohun míì. Ìtọ̀ àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń lò, èyí tó ti sùn nínú èèyàn mọ́jú. Àbẹ̀kẹ́, ṣe é láàárọ̀ ọ̀la. Bó bá tún jẹ́ ìlà kan, gbé oògùn ẹ mì. Ọ̀rọ̀ tán.

Ìyá Jọkẹ́: Tòkunbọ̀, ta ló sọ fún ẹ pé ọ̀rọ̀ tán? Ìgbà wo lo lóyún rí?

Tòkunbọ̀: Ìyàwó mi ti ní in lẹ́ẹ̀mẹta, ojú mi sì ni wọ́n ṣe ṣe gbogbo ẹ̀.

Àǹtí Ṣadé Agbẹ̀bí: Ẹ rọra o. Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, ojú mi pọ́n, ṣùgbọ́n mi ò lè ka èyí kí n kọjá. Tòkunbọ̀ jàre lápá kan. Ìtọ̀ àárọ̀ dáa, torí omi ò pò ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò tíì sí lára èèyàn, ìtọ̀ àárọ̀ kankan ò lè fi í hàn.

Ohun tí igi yẹn ń wá ni hómóònù tí oyún ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí tọkọtaya sùn pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀. Ẹyin gbọ́dọ̀ jáde ná, àtọ̀ á bá a pàdé, ọlẹ̀ á wá rìn débi tó ti máa lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ. Lẹ́yìn tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn ni hómóònù tó ṣeé rí máa ń jáde. Láti ọjọ́ tí ẹyin bá jáde sí ìgbà tó máa lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, ọjọ́ 8 sí 10 ló sábà máa ń jẹ́, àwọn kan ń ṣe é ní ọjọ́ 6, àwọn kan ń pẹ́ dé ọjọ́ 12.

Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ wo lo rí nǹkan oṣù tó kẹ́yìn? Ṣé ó máa ń tò déédéé?

Àbẹ̀kẹ́: Ọjọ́ 3, mà. Ọjọ́ 28 ló máa ń gbà. Àmọ́ lóṣù yìí wọ́n yí mi padà sí iṣẹ́ òru lójijì, mi ò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Àǹtí Ṣadé Agbẹ̀bí: Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn. Bó bá tò bó ṣe máa ń tò, ẹyin ẹ á jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 17. Ṣùgbọ́n àìsùn, ìrìn àjò, àìsàn, gbogbo ẹ̀ ló lè tì í sẹ́yìn. Jẹ́ ká ní ọjọ́ 22 ló jáde. Fi ọjọ́ 9 kún un: òní ọjọ́ 31 gan-an ni ọlẹ̀ ń wá ibi tó máa lẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 27 tó o yẹ ìtọ̀ wò, kò tíì sí nǹkan kan nínú ẹ tí igi lè rí, bóyún bá tiẹ̀ wà. Irọ́ kọ́ ni igi yẹn pa, ìwọ lo tètè bi í.

Wá bá mi kà á síwájú. Lóṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ 1, ká ní hómóònù yẹn jẹ́ 5. Níbẹ̀rẹ̀ oyún ó máa ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọjọ́ méjì méjì. Ọjọ́ 3 á di 10, ọjọ́ 5 á di 20, ọjọ́ 7 á di 40. Púpọ̀ nínú àwọn igi tí wọ́n ń tà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí wọn pé 25 mIU/mL ni wọ́n lè rí. Wò ó fúnra ẹ: ọjọ́ 5 ó ṣì lè jẹ́ ìlà kan, ọjọ́ 7 ìlà méjì á yọ. Ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín wọn.

Àbẹ̀kẹ́: Ha! Wọ́n sì kọ 99% gàgàrà sára páálí tèmi. Òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Àǹtí Ṣadé Agbẹ̀bí: Yí páálí náà padà, ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn. Wàá rí i pé láti ọjọ́ tó yẹ kí nǹkan oṣù dé ni wọ́n ń sọ. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń rí i ṣáájú, wọ́n máa ń to iye tó ń rí ní ọjọ́ 4, ọjọ́ 3, ọjọ́ 2 ṣáájú ọjọ́ yẹn síbẹ̀, iye yẹn sì máa ń kéré sí i bí ọjọ́ náà bá ṣe jìnnà tó. Ẹni tí ẹyin ẹ̀ pẹ́ jáde, ọjọ́ tó ń kà gan-an ti yẹ̀.

Tòkunbọ̀: Mo gbà. Ṣùgbọ́n omi ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ fún Ìyá Jọkẹ́.

Àǹtí Ṣadé Agbẹ̀bí: Omi lè ṣe é ní ọjọ́ tí hómóònù ṣì kéré, torí ó máa là á. Bó bá ti lé lọ́sẹ̀ kan tí nǹkan oṣù kò wá, ìtọ̀ ọ̀sán náà sábà máa ń fi í hàn. Tìyá Jọkẹ́, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ báyìí bóyá omi ni tàbí ọjọ́ ni. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé kò ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá Jọkẹ́: Omi ni o. Mo mọ ara mi.

Rónkẹ́ Kékeré: Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ńkọ́? Mo yọ tèmi jáde nínú garawa ìdọ̀tí lọ́jọ́ kejì, ìlà kejì ti wà níbẹ̀, ó rí bí eérú. Mo ti pe ìyá ọkọ mi!

Àǹtí Ṣadé Agbẹ̀bí: Yéè. Ìlà tó gbẹ síbẹ̀ nìyẹn. Ìṣẹ́jú tí ìwé inú páálí bá sọ ni kó o kà á, bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 10 má wò ó mọ́. Èyí tó bá yọ lásìkò, tó sì ní àwọ̀ bíi ti ìlà àkọ́kọ́, ì báà tín-ín-rín, oyún ni ká pè é. Ṣe òmíràn, ọmọ mi, kí Mọ́mì tó máa pín aṣọ.

Bọ̀dá Láídé: Ìyá ọkọ ti pe gbogbo ìdílé tán, ẹ jẹ́ ká má tanra wa.

Àbẹ̀kẹ́: Àǹtí, kí wá ni kí n ṣe láàárọ̀ ọ̀la?

Àǹtí Ṣadé Agbẹ̀bí: Má gbé oògùn náà mì. Pe ẹni tó kọ ọ́ fún ẹ, sọ ọjọ́ 24 yẹn àti iṣẹ́ òru yẹn fún un. Àwọn náà ní ìlànà àyẹ̀wò tiwọn, òun ló máa sọ ìgbà tó o máa bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń ṣe ẹ́ bíi kó o yẹ ìtọ̀ wò láàárọ̀ ọ̀la, ṣe é. Ìlà méjì, ó ti yé wa. Ìlà kan, kò tíì sọ nǹkan kan. Dúró ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó o tó tún un ṣe, torí tó o bá ń ṣe é ní wákàtí wákàtí, owó lo ń sọ nù. Bí àlejò ò bá tíì dé ní ọjọ́ 7, ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èyí tó máa fi ọkàn ẹ balẹ̀ ni pé kó o ka ọjọ́ 21 láti ìgbà tẹ́ ẹ sùn pọ̀ kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 23, ọjọ́ 13 oṣù tó ń bọ̀ nìyẹn. Ìlà kan lọ́jọ́ yẹn, tí kò sì tún sí ìbálòpọ̀ láàárín, mo lè gbà á. Tí ẹ̀jẹ̀ bá sì kàn wá ní díẹ̀ díẹ̀, tí kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀, má kà á sí nǹkan oṣù.

Èyí tí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ṣeré: bí inú bá ń gún ẹ lápá kan, tàbí èjìká ń ro ẹ́ lójijì, tàbí òòyì ń kọ́ ẹ, ilé ìwòsàn ni o, ì báà jẹ́ ìlà kan lo rí. Oyún tó fìdí sí ibi tí kì í ṣe ilé ọmọ lè má tú hómóònù tó bó ṣe yẹ.

Tòkunbọ̀: Kí ló dé tí kò kàn lọ fa ẹ̀jẹ̀ lónìí kó parí? Ẹ̀jẹ̀ máa ń tètè rí i ju ìtọ̀ lọ.

Àǹtí Ṣadé Agbẹ̀bí: Ó ń tètè rí i lóòótọ́, torí iye tó kéré gan-an ló ń kà. Ṣùgbọ́n bí ọlẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ lónìí, ẹ̀jẹ̀ náà á sọ pé kò sí. Ó ṣì máa padà lọ.

Tòkunbọ̀: Síbẹ̀ ọjọ́ díẹ̀ ló gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò yí ohùn padà.

Bọ̀dá Láídé: Ní ìlú tiwa níbí, kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹ, ọmọ ti ń rìn.

Rónkẹ́ Kékeré: Ìlú tiyín náà lẹ ń yangàn sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ohun gbogbo ń yá níbẹ̀! Ẹ kó wá síbi tá a wà, ó kéré tán nọ́ọ̀sì wa ń gbé fóònù.

Bọ̀dá Láídé: Wọ́n ń gbé e kí wọ́n lè ní kẹ́ ẹ dúró lórí ìlà. Orin tí wọ́n ń kọ sétí yín níbẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n lórí.

Ìyá Jọkẹ́: Ká ní ọ̀dọ̀ màmá mi ni mo wà nígbà yẹn, ọrùn mi ni wọn ì bá kàn wò, wọn ì bá ti mọ̀. Fóònù ò ṣeé fi wo ọrùn.

Rónkẹ́ Kékeré: Màmá tèmi ń wò ó lórí fóònù o! Wọ́n ní kí n sún mọ́ iná. Wọ́n ti lóyún fún mi lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún yìí, kò sí ọ̀kan tó jóòótọ́ nínú ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín pẹ̀lú gbogbo ìbẹ̀rù mi. Mo ti gbé oògùn náà sókè kọ́bọ́ọ̀dù, mà á pè wọ́n tílẹ̀ bá mọ́. Àmọ́ Àǹtí, ọjọ́ 23 tàbí 24 tẹ́ ẹ ní kí n ti máa kà, àárọ̀ ọjọ́ 24 kó tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ńkọ́? Ṣé a máa kà á mọ́ ọn?

Tòkunbọ̀: Ẹ gbọ́ àṣírí o!

Bọ̀dá Láídé: Àǹtí Ṣadé ti sùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.