Àbọ̀ lórí fíìmù ìrọ̀lẹ́ Sátidé: a ti rí èyí tí a wò

Ìbéèrè mi: "Fíìmù jẹ́jẹ́ wo ni ọmọ ọdún 3, ọmọ ọdún 6 àti bàbá pẹ̀lú màmá wọn àgbà lè jọ wò? Àwọn àgbà ò gbọ́ òyìnbó."

Ẹ ṣeun o. Shaun the Sheep Movie (2015) la wò nílé wa ní Kúbwà. Ẹni tó dárúkọ rẹ̀ mọ ohun tó ń sọ: kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ tó já gaara níbẹ̀, kìkì kíkùn àti ìṣesí ni, nítorí náà èmi ò túmọ̀ nǹkan kan fún Màmá. Ìṣẹ́jú 85 péré ni. Nígbà tí àwọn àgùntàn ń fo ọgbà lọ́kọ̀ọ̀kan kí olóko lè sùn lọ, ẹ̀rín Bàbá ju tàwọn ọmọ lọ.

Ẹni tó ní kátúùnù kì í dẹ́rù ba ọmọ, ó kù díẹ̀. Trumper, ọkùnrin tó ń mú ẹran tó ṣáko nígboro, lé àbúrò wọ abẹ́ ìró Màmá. Mo ti kọ́kọ́ dá wò ó ní Ọjọ́bọ̀, mo sì mọ ìgbà tó ń bọ̀, ni mo bá dín ohùn kù. Lójú tèmi, orin rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà á ju ojú rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi yọjú padà.

Ẹ̀yin tí ẹ dárúkọ fíìmù Yorùbá àtijọ́ tí màmá tiyín fẹ́ràn, mo gbọ́, ṣùgbọ́n iwin inú rẹ̀ ni ọmọ mi máa fi lálàá.

Màmá ṣáà ní kí ló dé tí àgùntàn ń wọ aṣọ èèyàn. A ò tíì parí ìyẹn.