Ìléròrò ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára màmá mi: ṣé a lè dúró di ọjọ́ Ajé?

Àbíkẹ́ Òṣogbo:
Ẹ kú ọjọ́ Àbámẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 63 ni wọ́n, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń ta àwọn lábẹ́ ọmú, bíi pé iná ń jó wọn, aṣọ lásán kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. A rò pé ọgbẹ́ inú ni, a sì ra oògùn rẹ̀. Àárọ̀ àná, ọjọ́ Ẹtì, ni ara ibẹ̀ pọ́n. Kó tó di alẹ́, ìléròrò kéékèèké tó ní omi ti so jọ, láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn wá sí iwájú, ó sì dúró gírí ní àárín àyà. Apá òsì mọ́ tónítóní. Dókítà tí wọ́n máa ń rí kò ní sí níbi iṣẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ṣé a lè dúró dè wọ́n? Aládùúgbò wa kan sì sọ pé tó bá yí ara po tí orí rẹ̀ bá ìdí rẹ̀, ikú ni. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí màmá sùn.

Bàbá Káfíńtà Ìkìrun:
Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ tó pupa tó dúdú, tó máa ń fò yí iná ká lálẹ́ nígbà òjò, òun ló fara kan màmá rẹ. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ ara, omi rẹ̀ á bó èèyàn bí iná. Ó ṣe èmi náà lọ́rùn rí. Ọṣẹ àti omi lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, á gbẹ.

Nọ́ọ̀sì Mopé:
Bàbá, ẹ ṣeun. Kòkòrò yẹn wà lóòótọ́, ó sì máa ń bó èèyàn gan-an. Ṣùgbọ́n tiẹ̀ kì í fi ọjọ́ mẹ́ta ta èèyàn kí nǹkan kan tó hàn lára, kò sì mọ ibi tí àárín àyà wà.

Àbíkẹ́ àbúrò mi, ohun tí o kọ yìí jọ èyí tí dókítà ń pè ní ṣíńgúùsì. Fáírọ́ọ̀sì ṣíkìnpọ́ọ̀sì ló ń fà á. Lẹ́yìn tí ọmọdé bá ti gbádùn lọ́wọ́ ṣíkìnpọ́ọ̀sì, fáírọ́ọ̀sì náà kì í jáde lára. Ó máa ń sùn sí ìdí àwọn iṣan ìmọ̀lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì lè sùn níbẹ̀ fún àádọ́ta ọdún. Nígbà tí ọjọ́ orí tàbí àìsàn bá dín agbára ara kù, á jí, á sì gba ojú iṣan kan ṣoṣo jáde sí awọ ara. Inú iṣan yẹn ló ti kọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ ibi, ìdí nìyẹn tí ìrora fi ṣáájú. Iṣan apá ọ̀tún kì í sì í kọjá sí òsì, ìdí nìyẹn tó fi dúró láàárín.

Ẹ má dúró di ọjọ́ Ajé. Wákàtí 72 àkọ́kọ́ ni oògùn rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jù, láti ìgbà tí ara ti pọ́n ni a sì ń kà á, kì í ṣe láti ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ àná ló yọ sí màmá, nítorí náà àárọ̀ Ajé ló pé. Ọ̀sán Ajé ti pẹ́ jù fún wọn. Oògùn náà kì í pa fáírọ́ọ̀sì, kò kàn ní jẹ́ kó bí sí i ni. Èyí tó ti bí tán, oògùn kò rí i ṣe. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tó bá ní dókítà lónìí. Kí ẹ sọ fún dókítà pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó lè mọ bí kíndìnrín wọn ṣe rí, torí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá kì í lo iye tí ẹlòmíràn ń lò.

Ti pé yóò yí ara po yẹn, ẹ bá mi sọ fún màmá pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kó yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bó bá fọ́n ká gbogbo ara, àìlágbára ara ló fi hàn, wọ́n á sì dá ẹni náà dúró sí ilé ìwòsàn. Pípàdé orí àti ìdí kọ́ ló ń pa èèyàn.

Ìyá Sùnkànmí:
Iwájú orí ni tèmi ti yọ, apá òsì. Jẹ́ńṣọ̀n ni wọ́n fi ń kùn ún fún mi nílé. Awọ ara jinná, ṣùgbọ́n ó lé lọ́dún kan tí afẹ́fẹ́ fáànù ṣì ń ta mí níbẹ̀ bí abẹ́rẹ́. Dókítà fún mi ní amitirípitilíìnì kékeré tí mò ń lò lálẹ́. Ó dín kù, kò tíì lọ. Nọ́ọ̀sì, ṣé ká ní mo tètè lo oògùn yẹn, ìrora yìí kì bá má sí?

Nọ́ọ̀sì Mopé:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. N kò lè ṣe ìlérí yẹn. Oògùn tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìléròrò gbẹ kíákíá, ìrora ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á sì rọlẹ̀. Ti ìrora tó ń pẹ́ lára, àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan. Mo ti rí ẹni tó tètè lò ó tí ìrora ṣì bá a kalẹ̀. Èyí tó bá yọ sí iwájú orí ni n kì í fi ṣeré rárá, pàápàá tí ìléròrò bá wà ní ṣóńṣó imú, torí iṣan tó lọ síbẹ̀ ló lọ sí ojú. Dókítà ojú gbọ́dọ̀ rí onítọ̀hún lọ́jọ́ náà, kódà bí wákàtí 72 ti kọjá.

Ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́ Lọ́ńdọ̀nù:
Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ní ìlú tí mo wà, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ìjọba ti ń fún àwọn tó bá ti ń pé ọdún 65. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbà á. Ẹ lọ gbà á fún màmá lónìí.

Nọ́ọ̀sì Mopé:
Ẹ̀gbọ́n, àjẹsára kì í wo èyí tó ti yọ. Ó dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá jinná kí wọ́n tó ronú nípa rẹ̀.

Káyọ̀dé:
Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 29, ní irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sì ti jinná. Ṣé ó tún yẹ kó ṣe nǹkan kan?

Nọ́ọ̀sì Mopé:
Kó lọ ṣe àyẹ̀wò kòkòrò éèdì, bí kò bá tíì ṣe é. Ó lè má ní i rárá, ṣùgbọ́n nígbà tí ṣíńgúùsì bá yọ sí ọ̀dọ́ tó lára le, a máa ń wò ó, torí nígbà mìíràn òun ni àmì àkọ́kọ́.

Àbíkẹ́ Òṣogbo:
A ti lọ, a ti dé. Ṣíńgúùsì náà ni dókítà pè é, wọ́n yẹ kíndìnrín wò, ó dára. Wọ́n kọ asaikilófíà, mílígíráàmù 800, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n oníkẹ́mìsì ní oníhóró 200 nìkan ló wà, ó ní kí màmá máa lo hóró kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ó tún ta ìpara rẹ̀ fún wa.

Nọ́ọ̀sì Mopé:
Hóró kọ̀ọ̀kan kò tó o! Iye tí à ń lò fún irú ìléròrò tó máa ń yọ sí ètè nìyẹn. Hóró mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà ló jẹ́ 800, kí wọ́n sì máa mu omi dáadáa. Bí ẹ bá ní iyèméjì, ẹ pe dókítà tó kọ ọ́ kí wọ́n tó gbé ti alẹ́ yìí mì. Ìpara yẹn kò wúlò fún èyí. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ má fọ́ ọ.

Àbíkẹ́ Òṣogbo:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́la, oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀. Kò rántí bóyá òun ṣe ṣíkìnpọ́ọ̀sì rí.

Nọ́ọ̀sì Mopé:
Kó má wá o, títí gbogbo ìléròrò á fi pá èépá. Omi inú rẹ̀ lè kó ṣíkìnpọ́ọ̀sì ran ẹni tí kò ṣe é rí, aláboyún kò sì gbọ́dọ̀ ní in. Kó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá ó ṣe é ní kékeré.