Ẹ gbà mí: ẹ̀gbọ́n mi kò sí nínú fọ́tò ẹbí

Àdùnní: Ẹ jọ̀ọ́, àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa tẹ fọ́tò ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a yà á, ó ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa fi kún un tí kò fi ní hàn?

Ìyá Ìbejì: Má dán an wò! Wọ́n ṣe é fún wa rí. Oníṣẹ́ náà fa àbúrò mi gùn títí orí rẹ̀ fi bá ti bàbá wa dọ́gba. Òjìji gbogbo wa wà lápá òsì, tirẹ̀ nìkan wà lápá ọ̀tún. Àwọn àlejò ń béèrè bóyá ó ti kú. Màmá wa sunkún, ó ní ká yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Wálé: Háà! Àdùnní, fi í sílẹ̀ o.

Bọ́dá Fọ́tò: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹni yẹn kò wo ìmọ́lẹ̀ ni. Àdùnní, òjìji imú ni kí o kọ́kọ́ wò. Bí ti ẹ̀gbọ́n rẹ bá kọjú sí apá ibòmíràn, kó tún òmíràn yà, kó sì fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì kó má baà ṣú.

Ní ti gíga, wá ẹni tó wà ní ìlà tí o fẹ́ fi í sí. Bí ẹni yẹn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 160, tó sì jẹ́ píksẹ́lì 800 nínú fọ́tò, ẹ̀gbọ́n rẹ tó ga ní 176 yóò jẹ́ 880. Fẹ̀ ẹ́ lóòró àti níbùú pa pọ̀.

Ṣadé: Kí ló dé tó fi máa tún un yà? Flip Horizontal ti tó. Lẹ́yìn náà, kó fi Sharpen sí i kó lè mọ́ kedere.

Bọ́dá Fọ́tò: Flip ń tún òjìji ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì àti aago ọwọ́ á bọ́ sí apá kejì, ìyá tó bí i á sì mọ̀ pé ojú yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Sharpen kò lè dá ohun tí kámẹ́rà kò rí padà. Èyí tó mọ́ jù ni ká rẹ̀ sílẹ̀: Gaussian Blur díẹ̀, bíi ìdajì píksẹ́lì, kí o máa fi ìpéǹpéjú wọn wé ara wọn nígbà tí o bá ń wo fọ́tò náà ní 100%.

Ṣadé: Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi Flip ṣe é, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Túndé: Ẹ̀yin ará, èmi fẹ́ yọ ẹnìkan kúrò nínú tèmi ni. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Ìyá Ìbejì: Kí wọ́n kàn tún fọ́tò yà nígbà tó bá dé!

Rẹ̀mí: Àwọ̀ ńkọ́? Ojú ẹni tí mo fi kún tiwa pọ́n ju ti àwọn tó kù lọ.

Bọ́dá Fọ́tò: Wá aṣọ funfun nínú méjèèjì. Fi Curves fa àwọ̀ ẹni tí o fi kún un títí funfun méjèèjì á fi jọra, ojú á tẹ̀lé e.

Àdùnní: Ẹ ṣé o. Kò ráyè ya òmíràn. Mo ti Flip rẹ̀, mo fi í sẹ́yìn àǹtí wa kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má hàn. Aṣọ rẹ̀ kò ní bọ́tìnì. Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn báyìí.

Bọ́dá Fọ́tò: Aago ńkọ́?