Ẹ bá mi ṣe ṣíìtì fún iṣẹ́ aránṣọ: ọjọ́ ìparí àti owó tó kù

Àǹtí Aránṣọ, Pẹ́kàmù
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìwé kékeré kan ni mo máa ń kọ iṣẹ́ sí, ìyókù wà nínú Wọ́sáàpù. Ní báyìí iṣẹ́ 24 ló wà lọ́wọ́ mi, 11 nínú rẹ̀ sì jẹ́ aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan ṣoṣo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ìró àti bùbá fún ẹnì kan, ó dúpẹ́, ó lọ. Alẹ́ ni mo tó rí i pé £60 mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Léèsì ẹlòmíràn wà nínú ọ̀rá láti oṣù Karùn-ún, mi ò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Mo fẹ́ ṣíìtì tí màá fi tọpa iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí n mọ ìgbà tó gbọ́dọ̀ parí àti ẹni tó ṣì jẹ mí. Google Sheets ló wà lórí fóònù mi. Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?

Bàbá Ẹlẹ́rù, Dágẹ́nhámù
Àǹtí, ìtọpa kò le rárá. Ẹni tó bá ń fi aṣọ òkè ránṣẹ́ sí yín láti Ìṣẹ́yìn, ẹ ní kó ya fọ́tò ìwé ẹrù náà fún yín. Nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ lẹ máa fi wo ibi tó dé.

Àǹtí Aránṣọ, Pẹ́kàmù
Ẹ ṣé gan-an, sà. Kì í ṣe ẹrù tó ń bọ̀ lọ́nà ni mo ń bèèrè o, iṣẹ́ tó wà lórí tábìlì mi ni.

Ìyá Oníkéèkì, Húsítìn
Kéèkì lèmi ń ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà jọra. Oníbàárà kan, ìlà kan. Mo kọ ọjọ́ òde, mo kọ iye owó, mo sì ní òpó kan tí mo ń kọ “ó ti san” tàbí “kò tíì san” sí. Ẹni tó bá jẹ mí, màá fi ọwọ́ kun ìlà rẹ̀ ní pupa. Ẹni tí òde rẹ̀ bá sún mọ́ jù ni mo máa ń gbé sókè. Mo ti fi ẹ̀dà ṣíìtì mi ránṣẹ́ sí yín, àǹtí, ẹ lò ó.

Ìyá Àgbà Aránṣọ, Líìdì
Ẹ kú iṣẹ́, ìyá oníkéèkì. Ohun tí ẹ sọ dára fún kéèkì, torí ọjọ́ òde gan-an lẹ ń gbé kéèkì lọ. Aṣọ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òde bá jẹ́ Sátidé, tí mo sì ń wo Sátidé náà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìparí, mo ti pẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ọjọ́ tó yẹ kí aránṣọ máa wò ni ọjọ́ gígé. Ẹ jẹ́ ká kà á padà láti ẹ̀yìn.

Ẹ mú ìyá ìyàwó kan tó fẹ́ ìró àti bùbá léèsì. Òde jẹ́ Sátidé, 22/08/2026. Mo fẹ́ kí aṣọ kúrò lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ 10 ṣáájú, nítorí ẹni tó bá gbé aṣọ lọ tó tún rí i pé ọrùn rẹ̀ fún, ó gbọ́dọ̀ ráyè gbé e padà fún amẹ́ńdì. Ìyẹn jẹ́ 12/08. Kó tó gbé e lọ, ó gbọ́dọ̀ wá wọ̀ ọ́ wò ní ọjọ́ 7 ṣáájú: 05/08. Láti ọjọ́ gígé dé ọjọ́ wíwọ̀ wò, mo fún ara mi ní ọjọ́ 14, torí kì í ṣe aṣọ rẹ̀ nìkan ló wà nílẹ̀. Ó di 22/07. Oṣù kan gbáko ló wà láàárín ọjọ́ gígé àti ọjọ́ òde.

Kí ẹ ṣe ojú-ìwé méjì. Àkọ́kọ́ ni Ise. Aṣọ kan ni ìlà kan níbẹ̀, kì í ṣe oníbàárà kan, torí ẹnì kan lè gbé agbádá ọkọ rẹ̀ àti bùbá tirẹ̀ wá lọ́jọ́ kan náà, kí agbádá parí kí bùbá má tíì parí. Òpó A ni nọ́ńbà iṣẹ́ (K-031), B orúkọ, C irú aṣọ, D ọjọ́ òde, E ọjọ́ ìgbàlọ, F ọjọ́ wíwọ̀ wò, G ọjọ́ gígé, H ọjọ́ tí aṣọ tẹ̀ mí lọ́wọ́, I ọjọ́ tí mo wọn ara rẹ̀, J iye owó, K owó tó ti wọlé, L owó tó kù, M ibi tí iṣẹ́ dé. E, F àti G kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi ọwọ́ kọ:

```
E2: =IF(D2="","",D2-10)
F2: =IF(E2="","",E2-7)
G2: =IF(F2="","",F2-14)
```

Ẹ má yọ `IF` yẹn kúrò. Láìsí i, ìlà tí ẹ kò tíì kọ ọjọ́ òde sí lè gbé 20/12/1899 jáde.

Owó ńkọ́? “Ó ti san, kò tíì san” kò gba ẹni tó san díẹ̀, ẹni tó san díẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Ojú-ìwé kejì ni Owo: ọjọ́, nọ́ńbà iṣẹ́, iye, bó ṣe san án. Ìgbàkígbà tí owó bá wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ £20, ìlà tuntun ni. Ẹ má pa iye àná rẹ́ láti kọ tòní lé e. Lẹ́yìn náà, nínú Ise:

```
K2: =SUMIF(Owo!B:B,A2,Owo!C:C)
L2: =J2-K2
```

Ìyá ìyàwó wa gbà £180. Ó san £90 ní 14/05, ó tún san £50 ní ọjọ́ wíwọ̀ wò. K á fi £140 hàn, L á fi £40 hàn, kò sẹ́ni tó ní láti rántí ohunkóhun.

Ọmọ Kétu, Parísì
Ẹ káàárọ̀, mà. Mo gbé `SUMIF` yẹn síbí, #ERROR! ló kọ sí mi.

Ìyá Àgbà Aránṣọ, Líìdì
Ṣíìtì yín wà lórí ètò Faransé, àbúrò. Níbẹ̀, kọ́mà ló ń ya owó kéékèèké sọ́tọ̀, nítorí náà ẹ fi `;` sí gbogbo ibi tí mo ti fi kọ́mà.

Ọmọ Kétu, Parísì
Ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ ṣé, mà.

Àǹtí Aránṣọ, Pẹ́kàmù
Ẹ̀gbọ́n, tèmi náà ní wàhálà. Inú ẹ̀dà tí ìyá oníkéèkì fún mi ni mo ń kọ ọ́ sí. Ìlà kan kọ #VALUE!. Òmíràn tí òde rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án sọ pé ó yẹ kí n ti gé e láti oṣù Kẹrin!

Ìyá Àgbà Aránṣọ, Líìdì
Amẹ́ríkà ni ṣíìtì yẹn ti wá. Wọ́n ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́ níbẹ̀. 22/08/2026 kò yé e, torí kò sí oṣù kejìlélógún, ló bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ lásán. 05/09 yé e, ṣùgbọ́n bíi ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún. Èyí tó kọ àṣìṣe sára kò ba ni lẹ́rù, èyí tó dákẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí File, Settings, Locale, kí ẹ mú United Kingdom. Lẹ́yìn náà, ẹ tún gbogbo ọjọ́ tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ kọ, torí kò ní tún wọn ṣe fún yín. Ẹ fojú sí ẹ̀gbẹ́ àpótí: ọjọ́ gidi máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ lásán máa ń fara ti òsì. Owó náà ńkọ́? Bákan náà ni. Tí ẹ bá kọ “50 káàṣì” sínú òpó iye, kò ní kà á mọ́ owó. Ẹ kọ 50 nìkan.

Ìyá Oníkéèkì, Húsítìn
Háà, ẹ má bínú o, mi ò ronú kan ètò ọjọ́ rárá.

Àǹtí Aránṣọ, Pẹ́kàmù
Kò séwu, mà. Ẹ̀gbọ́n, kí ni màá fi mọ èyí tó yẹ kí n kọ́kọ́ dì mú lówùúrọ̀?

Ìyá Àgbà Aránṣọ, Líìdì
Òpó M. Ẹ lo Data, Data validation, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ márùn-ún síbẹ̀ tí ẹ ó máa mú: Duro, Gige, Riran, Wiwo, Lo. Mi ò fi àmì sí wọn lórí, torí lójú ṣíìtì “Lo” àti “Lọ” kì í ṣe ọ̀kan náà. Kí nọ́ńbà iṣẹ́ inú Owo náà jẹ́ èyí tí ẹ ń mú, torí bí ẹ bá tẹ K031 dípò K-031, owó yẹn kò ní rí ilé wọ̀.

Nígbà náà ni ẹ ó wá lo Format, Conditional formatting, láti A2 dé M300, kí ẹ fi àwọ̀ méjì péré:

```
pupa:  =AND($G2<>"",$G2<=TODAY(),$M2="Duro")
ọsàn:  =AND($M2="Lo",$L2>0)
```

Pupa: ọjọ́ gígé ti pé, aṣọ ṣì ń dúró. Ọsàn: aṣọ ti lọ, owó kò tíì pé. Àwọ̀ tí ẹ bá fi ọwọ́ kùn, ẹ̀yin náà lẹ gbọ́dọ̀ rántí pa á rẹ́, ìgbà tí iṣẹ́ bá sì pọ̀ lẹ máa gbàgbé.

Tí ìlà kan bá pupa, ẹ wo H, I àti K kí ẹ tó dá ara yín lẹ́bi. Mi ò ń gé aṣọ tí léèsì rẹ̀ kò tíì dé, tí mi ò tíì wọn ẹni tó ni ín, tàbí tí ìdajì owó rẹ̀ kò tíì wọlé. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ló sábà máa ń ṣófo, oníbàárà ló sì yẹ ká pè.

Akọ̀wé Owó, Màńṣẹ́sítà
Ẹ má pa ojú-ìwé Owo yẹn rẹ́ o. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní Ìlú Ọba yìí gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ owó fún ọdún 5, ó kéré tán, lẹ́yìn 31 oṣù Kìíní tí ìwé owó orí ọdún náà gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ tún wo Share: tó bá wà ní Anyone with the link, ẹnikẹ́ni tí líǹkì náà bá dé ọwọ́ rẹ̀ lè ka orúkọ oníbàárà yín àti ohun tí wọ́n jẹ yín. Restricted ni kí ẹ fi sí.

Àǹtí Aránṣọ, Pẹ́kàmù
Mo ti tún un ṣe. Aṣọ ẹbí 11 yẹn wá ńkọ́? Ìyàwó ló kó wọn wá, àmọ́ oníkálùkù ló ń san tirẹ̀. Ta ni kí n kọ pé ó jẹ mí?

Ìyá Àgbà Aránṣọ, Líìdì
Orúkọ ẹni tó máa wọ aṣọ lèmi ń kọ, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan fún oníkálùkù. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé, tirẹ̀ nìkan ló máa dúró sílé.

Ìyá Oníkéèkì, Húsítìn
Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, mà. Ìyàwó ló gbé iṣẹ́ wá, òun ni kó dúró fún owó náà. Tí mẹ́ta bá jókòó láìwọ aṣọ níbi òde, orúkọ aránṣọ ni wọ́n máa bàjẹ́.

Ìyá Àgbà Aránṣọ, Líìdì
Òótọ́ ni, mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti lé ìyàwó kan fún £120 lẹ́yìn ìsinmi ìgbéyàwó rẹ̀, mi ò sì rí i gbà tán. Kí àǹtí yan èyí tí yóò lè ṣe.

Àǹtí Aránṣọ, Pẹ́kàmù
Mo ti kọ gbogbo 24. Mẹ́ta ló pupa. Méjì kò tíì san ìdajì, mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀kẹta ni léèsì oṣù Karùn-ún yẹn: aṣọ wà nílẹ̀, owó pé, òpó I ló ṣófo. Mi ò wọn obìnrin náà rí! Mo pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní òun ti ń retí ìpè mi. Ọ̀la, aago mẹ́wàá, ló ń bọ̀.