Tánkì lítà 2000: báwo ni bílíìṣì ṣe máa pọ̀ tó?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, a ti fọ tánkì wa, a sì ti kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù. Lítà 2000 ló ń gbà. Bílíìṣì tí mo rà kò ní lọ́fínńdà, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé klórínì inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Báwo ni kí n ṣe dà á tó, ìgbà wo la sì lè mu omi náà? Àwọn ọmọ kéékèèké wà nílé.

Àkànní: Ìdérí ìgò mẹ́ta ti tó. Ìṣẹ́jú 30, ẹ máa mu ún.

Bàbá Àdùnní: Àkànní, ìṣẹ́jú 30 tọ̀nà fún omi mímu, àmọ́ tánkì fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pa kòkòrò inú rẹ̀ báyìí. Ìyá Ìbejì, lítà kan fún lítà 1000 omi ni, nítorí náà lítà méjì ni tiyín. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi dé ìdá kan nínú mẹ́rin tánkì, ẹ da bílíìṣì sí i, kí ẹ tó fi omi kún un dé ẹnu. Omi tó ń wọlé ló máa pò ó pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan títí òórùn bílíìṣì á fi jáde, kí ẹ tì í, torí kòkòrò wà nínú páìpù náà. Ẹ bo tánkì fún wákàtí 24. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu omi yẹn o. Ẹ tú u dànù síbi tó jìnnà sí ewéko àti ẹja, kí ẹ wá fa omi tuntun. Tí omi tuntun náà kò bá dá yín lójú, mílílítà 80 péré ni ẹ máa fi sí gbogbo tánkì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an, sà. Wákàtí 24 ti pọ̀ jù fún wa. Ṣé kò ṣeé dín kù?

Bàbá Àdùnní: Ẹ lè sọ bílíìṣì di lítà mẹ́rin, kí ẹ dúró fún wákàtí 8. Ẹ má pò ó mọ́ ọṣẹ tàbí ásíìdì kankan, èéfín rẹ̀ léwu.

Àkànní: Tèmi ti wà ní ṣíṣí látọjọ́ pípẹ́. Ṣé agbára ṣì wà nínú ẹ̀?

Bàbá Àdùnní: Ó ti dín kù, pàápàá tí oòrùn bá ń pa á. Ra tuntun. Tí òórùn klórínì bá sì ti pòórá pátápátá kí wákàtí tó pé, ìdọ̀tí tó ṣẹ́kù ló jẹ ẹ́ tán. Ẹ tún tánkì náà fọ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Àṣàkẹ́: Kànga tèmi ló ń rùn. Ṣé kí n da lítà méjì sí i?

Bàbá Àdùnní: Rárá o, a ò tíì mọ bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Báwo ló ṣe jìn, báwo ló sì ṣe fẹ̀? Ṣé ṣáláńgá wà nítòsí rẹ̀?

Àṣàkẹ́: Ó wà nítòsí. Ẹ jẹ́ kí n lọ wọn kànga náà.