Ìdá tí ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀: ká ṣàlàyé ni, àbí ká jẹ́ kí wọ́n wá a fúnra wọn?

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí a bá ní kí ọmọ tí kò tíì kọ́ ọ rí wá ìdáhùn 1/2 + 1/3 fúnra rẹ̀, 2/5 ló sábà máa ń kọ: ó ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe 3/6 + 2/6 = 5/6 lójú pátákó. Àmọ́ ìbéèrè yìí dùn ún fi ṣe ìwádìí: “Báwo ni 2/5 ṣe máa tọ̀nà, nígbà tí 1/2 nìkan ti jù ú lọ?” Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi èyí ṣáájú àlàyé, ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi ń dúró kí ẹ tó dá sí i? Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ńkọ́, kí lẹ ń fún wọn ṣe?