Àfàsájà ni àbí ìsáṣọ àjà? Orúkọ rẹ̀ àti bí a ṣe ń kàn án

Táńkẹ́, Ìlọrin: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Fúláàtì wa kò ní bálíkónì, ọkọ mi wá ra igi ìsáṣọ tí wọ́n ń fi okùn fà lọ sókè. Kí ni ká máa pè é? Ibo ni ká kàn án mọ́?

Ọ̀ffà: Mo dábàá "àfàsájà", torí a ń fà á sí àjà ni. "Ìsáṣọ" nìkan kò tó. Okùn ẹ̀yìnkùlé náà ìsáṣọ ni. Ní ti kíkàn án, ẹ lu ihò sí sílíìnì, ẹ ti ike bọ̀ ọ́, kí ẹ dè é ní ṣukúrù.

Ọ̀mù-Àrán: Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yẹn dára, àmọ́ inú kọnkéré ni ike yẹn ti wúlò. Nínú sílíìnì onírọ́bà tàbí píòpì, yóò fà yọ ni. Àbúrò, tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ń gbé lórí yín, ẹ lu ihò wọ inú dẹ́kìn gan-an. Tó bá jẹ́ òrùlé ló wà lókè yín, ẹ wá igi àjà. Ẹ fi ìka kan sílíìnì: ibi tó ṣófo á máa dún gbọ̀ngbọ̀n, ibi tí igi wà á dún kì. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó di sílíìnì mú nìkan kò tó. Kí káfíńtà gun òkè lọ, kó kan pákó tó nípọn dábùú igi ńlá méjì.

Ẹ gbà pé aṣọ tútù náà wọn kílò 15. Orí kọ̀ọ̀kan igi náà ń fa kílò 7 àbọ̀. Kẹ̀kẹ́ kéékèèké méjì tí okùn ń gbà kọjá ni a ń kàn mọ́ òkè. Èyí tó jìnnà sí ògiri kò ru jù bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Àmọ́ okùn rẹ̀ gba orí kẹ̀kẹ́ ẹ̀bá ògiri kọjá, okùn méjèèjì sì jọ sọ̀kalẹ̀ síbi tí a ti ń so wọ́n. Okùn méjì yìí ń fa kẹ̀kẹ́ náà ní kílò 15, ẹ fi 7 àbọ̀ tirẹ̀ kún un: kílò 22 àbọ̀, ìlọ́po mẹ́ta ti ọ̀hún. Ibẹ̀ ni kí pákó ti lágbára jù. Kẹ́ ẹ tó sá aṣọ kankan, ẹ so kéègì tí ẹ bu omi lítà 10 sí mọ́ orí kọ̀ọ̀kan, kó sun ibẹ̀. Tí sílíìnì bá sán, tàbí tí kẹ̀kẹ́ bá dẹ̀, ẹ tú u.

Gáà-Àkáńbí: Èmi ò gba "ìsáṣọ" yẹn rárá. Oòrùn là ń sá nǹkan sí, bí èlùbọ́. Inú yàrá lèmi ta okùn sí, aṣọ sì ń rùn tí òjò bá ti dé.

Ọ̀mù-Àrán: Ìyá wa, ooru máa ń gbéra lọ sókè, ìyẹn ni aṣọ fi ń tètè gbẹ lábẹ́ àjà. Àmọ́ tí fèrèsé bá wà ní títì, tí aṣọ sì fún mọ́ra, yóò rùn níbẹ̀ náà. Ẹ fún omi ara aṣọ dànù dáadáa, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó jìnnà sí abẹ fáànù.

Ọ̀ffà: Ẹ wo ọ̀rọ̀ "sá" yẹn dáadáa o. Kí la fẹ́ pe aṣọ tí a tẹ́ síbi tí oòrùn ò dé?

Táńkẹ́: Ẹ ṣeun púpọ̀. Òrùlé ló wà lókè wa, a ó pe káfíńtà. Àwọn ọmọ ti ń pè é ní "gòkè-sọ̀kalẹ̀". Ṣé ìyẹn náà lè dúró?